Ìlà tó wà lókè Máàkù 16:9 nínú Bíbélì tuntun: kí ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ fi hàn?

ỌmọMopa:
Ọ̀kún o, gbogbo ilé. À ń ka Máàkù orí 16 nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Mopa. NIV orí fóònù lèmi ń lò. Bá a ṣe dé ẹsẹ 9, mo rí ìlà tí wọ́n fà, àti ọ̀rọ̀ kan pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ kò ní ẹsẹ 9 sí 20. Bíbélì Yorùbá tí màmá mi gbé dání kò ní àmì kankan níbẹ̀. Ni ẹnì kan bá dìde, ó ní wọ́n ti ń yọ Bíbélì kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn tó fa ìlà yẹn rí tí wọ́n fi fà á?

Ajíhìnrere_Kábbà:
Àbúrò, èmi náà gbà pé ó yẹ ká ṣọ́ra. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ìparí Máàkù ṣì wà nínú wọn, tí wọ́n lé ní 1,600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní ẹsẹ méjìlá yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Irenéọ̀sì ti fa ẹsẹ 19 yọ ní nǹkan bí ọdún 180, ó sì sọ ọ́ kedere pé ìparí Ìhìnrere Máàkù ló ti mú un. Ìwé méjì péré ni wọ́n gbé lé wa lórí pé kò sí níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin sì ni wọ́n kọ méjèèjì. Ọ̀kan wà ní Fatikánì. Inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni ará Jámánì kan ti yọ èkejì ní 1844, ní ilé àwọn mọ́ńkì lórí òkè Sínáì, wọ́n ti fẹ́ fi dáná. Ìwé tí àwọn tó ni ín fẹ́ sun níná la wá fẹ́ fi ṣe ìdájọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?

Tíṣà_Ìyàrà:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Ajíhìnrere. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, pàápàá ti Irenéọ̀sì, màá padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Tísíńdọ́fù ni ará Jámánì yẹn. Ewé 43 ló gbé kúrò ní Sínáì ní 1844, Láípísíìgì ni wọ́n wà títí dòní, Májẹ̀mú Láéláé sì ni gbogbo wọn. Ìgbà tó padà lọ ní 1859 ló tó rí Májẹ̀mú Tuntun. Nínú yàrá ọ̀kan lára àwọn mọ́ńkì ni wọ́n ti gbé e fún un, aṣọ pupa ni wọ́n fi wé e. Nítorí náà, ká tiẹ̀ gba ìtàn apẹ̀rẹ̀ gbọ́, ewé tí ìparí Máàkù wà lórí rẹ̀ kò dé inú apẹ̀rẹ̀ kankan. Àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ fúnra wọn kò sì gba ìtàn yẹn. Ẹnu Tísíńdọ́fù nìkan la ti gbọ́ ọ.

Ó wá ku ohun tó wà lójú ewé. Òpó mẹ́rin mẹ́rin ni ìwé Sínáì pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí, bí ìwé ìròyìn. Lójú ewé tá à ń sọ yìí, Máàkù parí lókè òpó kejì. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni èyí tó parí ẹsẹ 8, pé ẹ̀rù bà wọ́n. Adàwékọ náà ya ọnà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ìwé kan bá parí, ó sì kọ àkọlé ìhìnrere náà sísàlẹ̀. Òfìfo ni ìyókù òpó yẹn. Lókè òpó kẹta, Lúùkù bẹ̀rẹ̀. Ewé kò ya níbẹ̀, omi kò pa á rẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé Máàkù ti parí.

Ìwé Fatikánì ń kọ́? Òpó mẹ́ta mẹ́ta ló ní, ìlà 42 ló sì wà nínú òpó kan. Òun náà dúró síbi ẹ̀rù bà wọ́n, ní ìlà 31 òpó kejì.

Ajíhìnrere_Kábbà:
Tíṣà, ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tó wà ní òpó kẹta ojú ewé yẹn fún wọn.

Tíṣà_Ìyàrà:
Òfìfo ni. Odindi òpó kan ló fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, Lúùkù wá bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e.

Ajíhìnrere_Kábbà:
Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀, nínú Májẹ̀mú Tuntun ìwé yẹn, tí ìwé kan bá ti parí, òpó tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìwé kejì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí nìkan ló ti fo òpó kan. Awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe ìwé náà, owó ńlá sì ni awọ ẹran. Adàwékọ kì í déédéé fi awọ ṣòfò. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú, ó sì fàyè sílẹ̀ fún un.

Ti ìwé Sínáì náà, ẹ ò sọ ọ́ tán. Kì í ṣe ẹni tó kọ ìyókù Máàkù ló kọ ewé yẹn. Wọ́n yọ ewé àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Kí ló wà lórí èyí tí wọ́n yọ?

Tíṣà_Ìyàrà:
Ẹ ti kà nípa rẹ̀ dáadáa, inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó dájú lọ́tọ̀, kí n fi àbá lọ́tọ̀.

Ó dájú pé ewé àrọ́pò ni ti Sínáì. Ewé kan tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ni, ojú ewé mẹ́rin ló fún wọn, ìparí Máàkù àti ìbẹ̀rẹ̀ Lúùkù ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ adàwékọ àkọ́kọ́ ló tún un kọ. Ojú lásán fi hàn pé ó ń wá bí ọ̀rọ̀ ṣe máa kún àyè: ó fún lẹ́tà pọ̀ nínú àwọn òpó Lúùkù, ó sì fẹ̀ ẹ́ nínú òpó Máàkù tó gbẹ̀yìn, kí ọ̀rọ̀ lè wọ òpó kejì díẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà lórí ewé tí wọ́n yọ, kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè jẹ́ pé adàwékọ àkọ́kọ́ fo ọ̀rọ̀ kan nínú Lúùkù, tàbí ó kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ti ka lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n sì wo àyè tó wà rí i pé ó ṣòro kí ẹsẹ 9 sí 20 tó wọ ewé àkọ́kọ́ náà, àfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá fún un pọ̀ gidigidi.

Ní ti òpó òfìfo Fatikánì, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré. Ìlà 11 ló ṣẹ́ kù ní òpó kejì, 42 wà ní òpó kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlà 53. Tí adàwékọ yẹn bá fi ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ kọ ẹsẹ méjìlá náà, wọn ò fẹ́ gba inú ìlà 53 tán. Yóò ní láti fún wọn pọ̀. Nítorí náà, a ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó wọn àyè sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan sọ pé ìwé tó ń dà kọ ló ní àyè níbẹ̀. Àwọn mìíràn gbà bíi tiyín pé ó ti rí ẹsẹ yẹn rí níbòmíràn. Èmi fúnra mi rò pé ó ṣeé ṣe kó ti rí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí i, tó sì mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí kò kọ ọ́? Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ tó ń dà kọ kò ní in.

Ọ̀dọ́_Ponyán:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjíròrò. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé méjì péré ni? Tó bá jẹ́ méjì láti inú 1,600, kí ló wá dé tí ariwo fi pọ̀ báyìí?

Tíṣà_Ìyàrà:
Nínú Gíríìkì, méjì yẹn ni àwọn àgbà, ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 304 sì tún wà tó dúró síbi ẹsẹ 8, ẹgbẹ̀rún ọdún kejì ni wọ́n kọ òun. Ṣùgbọ́n Gíríìkì nìkan kọ́ lẹ́rìí. Ìwé Síríákì àtijọ́ kan wà, ilé àwọn mọ́ńkì Sínáì yẹn náà ni wọ́n ti rí i, òun náà parí síbi ẹsẹ 8. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Àmẹ́níà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kan ni kò ní ẹsẹ yìí. Méjì tó pẹ́ jù lára ti Jọ́jíà, ti ọdún 897 àti 913, kò ní in.

Iye nìkan kò sì lè tán ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé 1,600 wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 800, láti ara ara wọn. Ká ní tíṣà kan pe àpilẹ̀kọ fún ọgọ́ta ọmọ, tí márùnlélógójì wá da ti ọmọ kan kọ, ẹ̀rí ọmọ kan ni márùnlélógójì yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń béèrè ibi tí ìwé kan ti wá kí wọ́n tó kà á.

Ẹ̀rí tó wù mí jù lọ ni ìwé kan tó wà ní Párísì, tí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Adàwékọ ibẹ̀ dé ẹ̀rù bà wọ́n, ó dúró. Ó wá kọ̀wé kékeré kan pé ní àwọn ibì kan, èyí náà wà; ó sì kọ ìparí kúkúrú kan sílẹ̀, pé àwọn obìnrin náà ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n rán wọn fún Pétérù àtàwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti pé lẹ́yìn èyí Jésù fúnra rẹ̀ rán ìwàásù ìgbàlà ayérayé jáde nípasẹ̀ wọn láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ó tún dúró. Ó kọ̀wé kékeré mìíràn pé èyí náà tún wà lẹ́yìn ẹ̀rù bà wọ́n, ó sì wá kọ ẹsẹ 9 sí 20. Ìparí méjì ló wà níwájú ọkùnrin yìí, kò mọ èyí tí òun ì bá jù nù, ó sì sọ fún òǹkàwé rẹ̀ láìfi bò. Ohun tó ṣe gan-an ni ìlà tí ọ̀dọ́ Mopa rí lórí fóònù rẹ̀ ń ṣe.

Màmá_Ẹ̀gbẹ̀:
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹsẹ 18 ló kàn mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà kan wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá bá wa tí paramọ́lẹ̀ bù ṣán nínú oko iṣu, ilé àdúrà ló sì sùn mọ́jú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oníwàásù ibẹ̀ ka Máàkù 16 fún un pé wọn yóò gbé ejò lọ́wọ́, kò sì ní pa wọ́n lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé itan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí eyín rẹ̀. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré tó gbẹ, a gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kò dì rárá. Abẹ́rẹ́ oró ejò ló gbà á là, Ọlọ́run ló ni ògo. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ yẹn kò sí nínú Bíbélì tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ṣé ti ìrìbọmi tó wà ní ẹsẹ 16 náà wá ti wọ́gilé nìyẹn?

Ajíhìnrere_Kábbà:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí. Ohun tí oníwàásù yẹn ṣe kò dára, kò sì dìgbà tá a bá yọ ẹsẹ kan kúrò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣe 28 kò sí nínú àríyànjiyàn kankan, ibẹ̀ sì ni ejò ti so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tó ń kó igi sínú iná. Kò wá a lọ. Ẹni tí ejò bù ṣán ní oko, ọsibítù ló kàn.

Tíṣà_Ìyàrà:
Mo dúró ti Ajíhìnrere pátápátá lórí èyí. Ní ti ìrìbọmi, Màmá, Mátíù 28:19 wà níbẹ̀ láìsí ìlà kankan lórí rẹ̀. Àwọn nǹkan tó wà nínú ẹsẹ 9 sí 20, púpọ̀ nínú wọn la rí níbòmíràn: Màríà Magidalénì nínú Jòhánù 20, àwọn méjì tó ń lọ sí ìgbèríko nínú Lúùkù 24, ìgòkè re ọ̀run nínú Lúùkù àti Ìṣe. Májèlé mímu nìkan ni kò sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun.

Kátólíìkì_Ayétòrò:
Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Ó jọ pé ìbéèrè méjì ni ẹ̀ ń pa pọ̀. Ta ló kọ ẹsẹ yìí? Ṣé Ìwé Mímọ́ ni? Èsì ọ̀kan kò ní kó jẹ́ èsì èkejì. Lọ́dọ̀ wa, ìgbìmọ̀ Tẹ́ẹ̀ńtì ti pàṣẹ ní 1546 pé kí á gba àwọn ìwé Bíbélì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà wọn bí wọ́n ṣe wà nínú Bíbélì Látìn. Ẹsẹ 15 sí 20 ni Ìhìnrere tí à ń kà ní ọjọ́ àjọ̀dún Máàkù Mímọ́, 25 oṣù Igbe. Jẹ́róòmù tó ṣe Bíbélì Látìn náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé Gíríìkì ìgbà ayé rẹ̀ kò ní in, ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀, síbẹ̀ ó fi í sínú Bíbélì. Kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

ỌmọMopa:
Ọ̀rọ̀ Jẹ́róòmù yẹn là mí lójú. Ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà láéláé? Mo rò pé àwọn òyìnbó òde òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀.

Tíṣà_Ìyàrà:
Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Yusébíọ̀sì, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, ti dáhùn ìbéèrè yìí gan-an ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Márínọ́ọ̀sì bi í bí ìparí Mátíù àti ti Máàkù ṣe lè bára mu lórí wákàtí tí Jésù jíǹde. Ó ní ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà dáhùn. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ìwé tó péye dúró síbi ẹ̀rù bà wọ́n, kí ìṣòro sì tán. Ẹlòmíràn kò ní fẹ́ jù nǹkan kan nù. Òun lè ka ẹsẹ 9 ní ọ̀nà tí yóò fi bá Mátíù mu. Yusébíọ̀sì fún un ní èsì méjèèjì. Nígbà tó wá ṣe nọ́ńbà tó fi so àwọn ìhìnrere mẹ́rin pọ̀ mọ́ra, kò fi nọ́ńbà kankan sí ẹ̀yìn ẹsẹ 8. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ibí yìí ni Yusébíọ̀sì fi nọ́ńbà dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ní ìyókù yìí.

Bíbélì KJV ọdún 1611 kò ní àmì nítorí pé Gíríìkì tí Ẹ̀rásímù kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1516 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ díẹ̀ tí kò pẹ́ ló sì rí lò. Ìgbà tí ìwé Sínáì di mímọ̀ ní 1859 ni nǹkan yí padà. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tún ṣe ní 1881 fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ 8, ó sì ṣàlàyé ní ẹ̀gbẹ́. RSV ọdún 1946 lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ó kó gbogbo ẹsẹ méjìlá lọ sísàlẹ̀ ojú ewé, ní lẹ́tà kékeré. Àwọn èèyàn bínú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1971, wọ́n dá a padà sókè, wọ́n sì fi àlàyé sísàlẹ̀. Ojú mi, èyí tó tọ́ nìyẹn. Kò yẹ kí ẹni tó ń ka Bíbélì máa wá ọ̀rọ̀ tí Ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejì nínú lẹ́tà tí ojú àgbà kò lè rí.

Ọ̀dọ́_Ponyán:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì ń kọ́? Ṣé nǹkan kan wà nínú Bíbélì Yorùbá tó lè fi hàn án pé ọwọ́ yí padà níbẹ̀?

Tíṣà_Ìyàrà:
Ó wà. Ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ, fi ìka kan sí 15:40, fi òmíràn sí 16:9. Máàkù dárúkọ Màríà Magidalénì nídìí àgbélébùú, ó tún un dá ní 15:47 níbi tí wọ́n ti tẹ́ Jésù, ó tún un dá ní 16:1. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ẹsẹ díẹ̀. Ẹsẹ 9 wá dé, ó sì ṣàlàyé ẹni tí Màríà jẹ́ bí ẹni pé a kò tíì gbúròó rẹ̀: ẹni tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù tí ẹ̀rù bà, a kò gbọ́ nípa wọn mọ́. Áńgẹ́lì ní ẹsẹ 7 sọ pé Gálílì ni wọn yóò ti rí Jésù, ìparí gígùn náà kò sì dárúkọ Gálílì títí tó fi tán. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá so mọ́ ibí yìí, tí kò sì tún ojú oríkèé rẹ̀ ṣe.

Ajíhìnrere_Kábbà:
Tàbí Máàkù fúnra rẹ̀ ló padà wá parí rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èèyàn lè kọ̀wé lónìí, kó kọ ìyókù lẹ́yìn ọdún méjì, kí ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ ò sì tíì dáhùn Irenéọ̀sì.

Tíṣà_Ìyàrà:
Ó ṣeé rò, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ ọ́. Ní ti Irenéọ̀sì, mo gba ẹ̀rí rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó fi hàn pé ìparí gígùn ti wà lára Máàkù kí ọdún 180 tó dé, ó sì fi nǹkan bí 150 ọdún ṣáájú ìwé Sínáì àti ti Fatikánì. Ẹni tó bá sọ pé àwọn ará ìgbà ọ̀làjú ló fi kún un kò mọ̀tàn. Ohun tí ẹ̀rí yẹn kò lè sọ fún wa ni ọwọ́ tó kọ ọ́. Láàárín ìgbà tí Máàkù kọ̀wé àti ọdún 180, àyè tó ọgọ́rùn-ún ọdún wà, kò sì sí ìwé àfọwọ́kọ kan láti àárín ìgbà yẹn tí orí 16 Máàkù ṣẹ́ kù sí. Páápírọ́ọ̀sì Máàkù tó ṣe pàtàkì jù tá a ní, ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, ti sọ orí tó gbẹ̀yìn nù. Ká ní ewé kan péré ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́_Ponyán:
Tí Máàkù bá dúró sí ẹsẹ 8 lóòótọ́, ìhìnrere wo ló ń parí pẹ̀lú ẹ̀rù? Ẹlòmíràn á sọ pé Máàkù kò gba àjíǹde gbọ́.

Kátólíìkì_Ayétòrò:
Ka ẹsẹ 6, àbúrò. Áńgẹ́lì ti sọ ọ́: ó ti jíǹde, kò sí níhìn-ín. Kò sí ìwé àfọwọ́kọ tó ń jiyàn ẹsẹ yẹn. Máàkù sì ti kọ ọ́ sí ẹnu Jésù fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀, ní orí 8, 9 àti 10. Kọ́ríńtì Kìíní 15 tún wà, Pọ́ọ̀lù sì kọ ọ́ kí Máàkù tó kọ̀wé.

Tíṣà_Ìyàrà:
Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí bóyá ó fẹ́ parí síbẹ̀, ìmọ̀ kò tíì ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ewé tó gbẹ̀yìn ló já, nítorí etí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn kan ní ikú tàbí inúnibíni dá a dúró. Àwọn mìíràn ní ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi ẹ̀rù kí òǹkàwé lè gbé ìròyìn náà lọ fúnra rẹ̀. Ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gbẹ̀yìn yìí, síbẹ̀ n kò lè fi ìwé àfọwọ́kọ kankan gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun tí a lè rí ni pé ìparí yẹn kò tẹ́ àwọn adàwékọ lọ́rùn. Ìwé Látìn kan wà ní Túrínì, wọ́n kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 400. Ìparí kúkúrú nìkan ló ní. Nínú ẹsẹ 8 ibẹ̀, gbólóhùn tó sọ pé wọn kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni ti di àwátì. Ó hàn pé ó ń ta ko ìparí kúkúrú tó sọ pé wọ́n ròyìn fún Pétérù, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ìwé mìíràn tí ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Fírà rà ní Íjíbítì ní 1906, tó wà ní Wọṣíńtọ̀nù báyìí, ní ìparí gígùn, ṣùgbọ́n ó ti ọ̀rọ̀ gígùn kan bọ àárín ẹsẹ 14 àti 15, pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń ṣe àwáwí fún àìgbàgbọ́ wọn, Kristi sì ń dá wọn lóhùn. Kò sí ìwé Gíríìkì mìíràn tá a ti rí i.

Màmá_Ẹ̀gbẹ̀:
Tíṣà, kí ni kí n wá sọ fún oníwàásù tó bá tún ka ẹsẹ 18 fún ẹni tí ejò bù ṣán?

Tíṣà_Ìyàrà:
Màmá, ẹ sọ fún un pé kó gbàdúrà nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé bá a jà, yóò gba àkókò tí aláìsàn kò ní.

ỌmọMopa:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò tún pàdé. Ṣé ojú ewé tẹ́ ẹ ń sọ yìí ṣeé rí lórí fóònù? Mo fẹ́ kí gbogbo wọn fi ojú ara wọn rí i.

Tíṣà_Ìyàrà:
Ó ṣeé rí, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún ti Sínáì, lọ sí `codexsinaiticus.org`, yan ìwé Máàkù, orí 16. Fún ti Fatikánì, lọ sí `digi.vatlib.it`, wá `Vat.gr.1209`, kó o sì ṣí ojú ewé 1303. Àwòrán rẹ̀ tóbi, nítorí náà ṣí i nílé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kó o fi pa mọ́ sórí fóònù kó o tó lọ sí ìjọ. Ọ̀kan nínú wọn lè má gbọ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n òpó òfìfo kò nílò ògbufọ̀.

Ajíhìnrere_Kábbà:
Mo ti ṣí ti Fatikánì báyìí. Mo rí òpó náà. Èmi ṣì gbà pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹsẹ 9 sí 20 ni, màá sì máa wàásù lórí ẹsẹ 15 bí mo ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò Mopa, sọ fún ẹni tó dìde nínú ẹ̀kọ́ yín pé wọn kò yọ ọ́. Ó wà lábẹ́ ìlà yẹn, kó kà á.

Ọ̀dọ́_Ponyán:
Ìbéèrè mi tó kù: Jòhánù 7:53 sí 8:11, ti obìnrin tí wọ́n mú nínú àgbèrè, òun náà wà nínú àkámọ́ nínú ESV mi. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Tíṣà_Ìyàrà:
Ìbátan ni wọ́n, ẹ̀rí wọn ló yàtọ̀. Ìtàn obìnrin yẹn máa ń ṣí kiri: àwọn ìwé kan fi í sẹ́yìn Lúùkù 21:38, àwọn kan gbé e lọ sí òpin Jòhánù. Ìparí Máàkù kò kúrò lójú kan rí. Dá ìjíròrò mìíràn sílẹ̀ fún un, màá wá síbẹ̀.